Ọkọ̀ Búrẹ́dì Tí Ẹ Máa Tún Tà: Ọgbọọgba Ni Tàbí Orí Ìyókù?

Ìyá kan tó ní ilé búrẹ́dì n'Íbàdàn pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì, lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní, "Akáúńtàǹtì mi, ọkọ̀ yìí ti pa owó fún wa o! Mílíọ̀nù mẹ́ta lé díẹ̀ ni ìwé sọ pé ó kù lórí rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin lé ló wọlé fún wa." Mo kí wọn kú oríire, mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fi owó yẹn ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ìwé."

Nígbà tí mo wò ó, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé ṣáájú mi ti ń yọ ìdá 25 nínú 100 lórí ọkọ̀ náà lọ́dọọdún, torí pé iye tí ó gbọ́ pé àwọn èèyàn ń yọ nìyẹn. Ó yọ ju bó ṣe yẹ lọ. Odindi ọdún mẹ́rin ni ìwé fi ń sọ pé pípín búrẹ́dì ń ná wọn ju iye tó ń ná wọn gan-an lọ. Wọ́n tìtorí ẹ̀ fi owó lé búrẹ́dì tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, àwọn oníbàárà kan sì bá ẹlòmíì lọ. Owó tó dà bí èrè lọ́jọ́ tí wọ́n ta ọkọ̀, inú èrè àwọn fúnra wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mẹ́rin wá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè yan ìlànà ìdínkù iye tó bá ọkọ̀ yín mu, pàápàá ọkọ̀ tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa tún tà ní owó gidi. Mo ti sọ àwọn iye owó náà di iye tó rọrùn láti kà, kí ẹ lè tẹ̀ lé ìṣirò náà láìsí wàhálà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìdínkù iye, tí àwa akáúńtàǹtì ń pè ní dẹpirisiéṣọ̀n, ni bí a ṣe ń pín owó ọkọ̀ sórí àwọn ọdún tó fi ń ṣiṣẹ́ fún wa. Kì í ṣe owó tó jáde lápò lọ́dún náà. Ọjọ́ tí ẹ ra ọkọ̀ ni owó ti jáde.

Nínú ìlànà ọgbọọgba, ẹ máa kọ́kọ́ yọ owó ìgbẹ̀yìn, ìyẹn owó tí ẹ retí láti ta ọkọ̀ náà, kúrò nínú owó tí ẹ fi rà á. Ẹ wá pín èyí tó kù sí iye ọdún tí ẹ máa lò ó. Iye kan náà lẹ máa kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Nínú ìlànà orí ìyókù, ìdá kan náà lẹ máa ń yọ lọ́dọọdún, àmọ́ orí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìwé lẹ ti ń yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí owó ìdínkù fi máa ń pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tí á sì máa fà sẹ́yìn bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ohun kan kúrò lọ́nà: kò sí èyí tó máa dín owó-orí iléeṣẹ́ yín kù nínú méjèèjì. Ní Nàìjíríà, owó ìdínkù tí ẹ bá kọ sínú ìwé, ọ́fíìsì owó-orí á dá a padà sórí èrè, wọn á sì fún yín ní ìyọ̀ǹda tiwọn lórí ọkọ̀ náà, bí òfin owó-orí ṣe là á kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú orí ìyókù nítorí owó-orí, ẹ má gbọ́. Torí kí ẹ lè mọ iye tí ọkọ̀ ń ná yín gan-an lẹ fi ń yan ìlànà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá owó ìgbẹ̀yìn

Ibí ni mo máa ń pẹ́ sí jù, torí pé bí iye yìí bá ti wọ́, kò sí ìlànà tó máa tún un ṣe.

Òfin ìṣirò owó tí a ń tẹ̀ lé, IAS 16, ní bó ṣe fẹ́ kí a béèrè ìbéèrè náà. Kò ní kí ẹ máa méfò iye tí wọ́n á rà á lọ́dún mẹ́rin sí i. Ohun tó ní kí ẹ béèrè ni pé: ká ní ọkọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, tó sì ti rí bí ọkọ̀ tó kó búrẹ́dì fún ọdún mẹ́rin ṣe máa ń rí, èló ló máa kù sí mi lọ́wọ́ bí mo bá tà á lónìí, lẹ́yìn tí mo bá ti san ìnáwó títà rẹ̀? Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì nílùú tí náírà kì í dúró sójú kan.

Nítorí náà, ẹ lọ béèrè iye ọkọ̀ irú tiyín tó ti pé ọdún mẹ́rin lónìí. Iye tí wọ́n kọ sórí ìkànnì títa ọkọ̀ kọ́ ni ẹ máa mú. Ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tó ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ béèrè iye tó wọ ọwọ́ wọn gan-an. Mẹkáníìkì yín á mọ irú wọn. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ béèrè iye ti ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta náà, torí a máa lò ó níwájú.

Ẹ rántí pé ọkọ̀ búrẹ́dì kò rí bí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sóde ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo lọ wo èyí tí ìyá náà tà, ihò bóòtù tí wọ́n fi de pẹpẹ búrẹ́dì mọ́lẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà ní ìlà méjì, ìpẹtà ti yí etí àwọn kan ká. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń yọ̀ lójú irin ti jẹ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbé e díẹ̀ kó tó pa dé. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń tì ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti ìdájí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó ń rà á rí gbogbo ẹ̀, ó sì fi dín owó.

Ọkọ̀ náà, ₦10,000,000 ni wọ́n rà á. Wọ́n tà á ní ₦4,350,000. Wọ́n ná ₦130,000 láti fi ọ̀dà pa orúkọ búrẹ́dì rẹ́ lára rẹ̀, alágbàtà sì gba ₦120,000. Ohun tó wọlé gan-an ni ₦4,100,000. Owó ìgbẹ̀yìn nìyẹn. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀dà àti alágbàtà, ẹ ti fi ₦250,000 tan ara yín jẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣe ìṣirò méjèèjì

Ti ọgbọọgba rọrùn. Ẹ yọ ₦4,100,000 kúrò nínú ₦10,000,000, ó ku ₦5,900,000. Ẹ pín in sí mẹ́rin: ₦1,475,000 lọ́dún kan.

Ti orí ìyókù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì. Ẹ kì í kàn mú ìdá kan láti ojú ọ̀run. Owó ìgbẹ̀yìn àti iye ọdún ló ń sọ ìdá tí ẹ máa yọ, kí ohun tó kù nínú ìwé lè bọ́ sí orí owó ìgbẹ̀yìn ní ọdún tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ìwé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, èyí ni ẹ máa tẹ̀:

```
=1-(4100000/10000000)^(1/4)
```

Èsì rẹ̀ ni 0.1998, ìyẹn ìdá 20 nínú 100. Bí ọdún mẹ́rin náà ṣe máa rí nìyí:

| Ọdún | Ọgbọọgba: owó ìdínkù | Ó ku nínú ìwé | Orí ìyókù: owó ìdínkù | Ó ku nínú ìwé |
|---|---|---|---|---|
| 1 | ₦1,475,000 | ₦8,525,000 | ₦2,000,000 | ₦8,000,000 |
| 2 | ₦1,475,000 | ₦7,050,000 | ₦1,600,000 | ₦6,400,000 |
| 3 | ₦1,475,000 | ₦5,575,000 | ₦1,280,000 | ₦5,120,000 |
| 4 | ₦1,475,000 | ₦4,100,000 | ₦1,020,000 | ₦4,100,000 |

Ní ọdún kẹrin, ìdá 20 nínú ₦5,120,000 jẹ́ ₦1,024,000. Mo yọ ₦4,000 kúrò níbẹ̀ kó lè bọ́ sórí ₦4,100,000 géérégé, torí pé a ti sún ìdá náà sókè díẹ̀ kó lè pé 20.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìyá oníbúrẹ́dì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ₦10,000,000, tí ẹ sì ń yọ ìdá 25 lórí ìyókù lọ́dọọdún, ₦3,164,063 ló máa kù lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦4,100,000 tó wọlé, ₦935,937 ló kù. "Èrè" tí wọ́n pè mí fún nìyẹn.

Àṣìṣe kejì máa ń fà á sí òdìkejì. Àwọn kan máa kọ́kọ́ yọ owó ìgbẹ̀yìn bí ti ọgbọọgba, wọ́n á wá yọ ìdá 20 lórí ₦5,900,000 tó kù. Wọ́n ti yọ owó ìgbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, torí pé ó ti wà nínú bí a ṣe rí ìdá 20 náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìwé wọn á ṣì gbé ọkọ̀ náà ní ₦6,516,640, wọ́n á sì pàdánù ₦2,416,640 lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá tà á. Ní ìlànà orí ìyókù, orí owó tí ẹ fi ra ọkọ̀ lódindi lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é fún yín, ẹ lo méjì yìí:

```
=SLN(10000000,4100000,4)
=DB(10000000,4100000,4,1)
```

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọgbọọgba, ìkejì jẹ́ orí ìyókù. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú `DB` ni ọdún tí ẹ fẹ́ mọ̀. Ẹ má ṣe mú `DDB` ní àṣìṣe. Ìyẹn máa ń yọ ìlọ́po méjì ìdá ọgbọọgba: fún ọdún mẹ́rin, ìdá 50 ni. Á gbé ₦5,000,000 lọ lọ́dún àkọ́kọ́, á gbé ₦900,000 lọ́dún kejì, á sì dúró pátápátá torí pé ó ti kan owó ìgbẹ̀yìn. Ọdún kẹta àti ìkẹrin á wá dà bíi pé ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó yàn

Ohun tí òfin béèrè ni pé kí ìlànà tí ẹ bá yàn jọ bí ẹ ṣe ń jẹ àǹfààní ọkọ̀ náà tán. Iye tó ń jábọ́ kíákíá lọ́jà lásán kò tíì tó ìdí láti mú orí ìyókù. Ẹ gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe.

Nílé búrẹ́dì yẹn, mo ní kí wọ́n gbé ìwé tí àwọn dírẹ́bà ń kọ ìrìn wọn sí wá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló sọ ìdáhùn. Ọkọ̀ tuntun ni wọ́n máa ń gbé sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, torí pé wọn ò fẹ́ kí búrẹ́dì gbígbóná há sí ojú ọ̀nà. Tó bá di ọdún kẹta, ó ti padà sí àárín Ìbàdàn. Lọ́dún kẹrin, ọjọ́ tí òmíràn bá bàjẹ́ ni wọ́n tó máa ń gbé e jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọkọ̀ náà, ọdún méjì àkọ́kọ́ ló ti ṣe é.

Ìwé àtúnṣe náà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà: ₦300,000 lọ́dún àkọ́kọ́, ₦550,000 lọ́dún kejì, ₦900,000 lọ́dún kẹta, ₦1,250,000 lọ́dún kẹrin. Mo wá kó owó ìdínkù àti owó àtúnṣe pọ̀. Pẹ̀lú ọgbọọgba, ọkọ̀ náà ná wọn ní ₦1,775,000 lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì ń gòkè títí dé ₦2,725,000 lọ́dún kẹrin, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe ti dín kù. Pẹ̀lú orí ìyókù, ó jẹ́ ₦2,300,000, ₦2,150,000, ₦2,180,000 àti ₦2,270,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá ń fi iye yìí bu owó gbígbé lé búrẹ́dì kò ní máa yí owó padà torí pé ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tuntun tàbí torí pé òmíràn ti gbó. Mo mú orí ìyókù fún àwọn bọ́ọ̀sì náà.

Bí ìwé dírẹ́bà bá fi hàn pé ojú ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ ń tọ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé ìkẹrin, tí owó àtúnṣe kò sì fi bẹ́ẹ̀ gòkè, ọgbọọgba ni kí ẹ mú, láìwo bí iye rẹ̀ ṣe ń jábọ́ lọ́jà. Ilé búrẹ́dì yẹn ní ọkọ̀ ńlá kan tó ń lọ kó fúláwà láti Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìrìn rẹ̀ kò yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ọgbọọgba ni mo fi í sí, mo sì yà á sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀ nínú ìwé.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ máa gbé lé òṣùwọ̀n: ṣé ẹ dájú pé ẹ máa lò ó pé ọdún tí ẹ dá? Ẹ wo ọdún kejì nínú ìṣirò wa. Ká ní owó há, tí wọ́n sì ta bọ́ọ̀sì náà ní ₦6,500,000 lẹ́yìn ọdún méjì. Ìwé ọgbọọgba ṣì gbé e ní ₦7,050,000, wọ́n á kọ àdánù ₦550,000. Ìwé orí ìyókù gbé e ní ₦6,400,000, wọ́n á kọ èrè ₦100,000. Ibí ni àwọn iye ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta tí ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì ti wúlò. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kù nínú ìwé lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ tó máa ń ta ọkọ̀ kí ọjọ́ tó pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìwé rẹ̀ ga ju ọjà lọ fún ìgbà pípẹ́.

Tí ọkọ̀ bá jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún oṣù méjì, ẹ má dá owó ìdínkù dúró. Ó ṣì ń gbó níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tún owó ìgbẹ̀yìn wò ní ìparí ọdún

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ti dá ìwé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rú láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ tí iye gbogbo ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì fò sókè. Ọkọ̀ tó ti gbó ní ọdún méjì wá ń pa owó ju bí wọ́n ṣe rò nígbà tí wọ́n rà á.

Ká ní irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún kejì lórí bọ́ọ̀sì wa. Ẹ tún lọ béèrè, ẹ sì rí i pé ọlọ́dún mẹ́rin ti di ₦6,000,000 lẹ́yìn ìnáwó títà. Ẹ má padà lọ tún ọdún tó ti kọjá kọ. Àtúnṣe náà máa ń lọ síwájú ni. Ní ọgbọọgba, ẹ yọ ₦6,000,000 kúrò nínú ₦7,050,000 tó kù, ẹ pín in sí ọdún méjì: ₦525,000 lọ́dún. Ní orí ìyókù, ẹ wá ìdá tuntun:

```
=1-(6000000/6400000)^(1/2)
```

Ó di 0.0318, ìdá 3.2 péré nínú 100, ìyẹn bíi ₦203,000 fún ọdún kẹta. Bí owó ìgbẹ̀yìn bá sì gun orí ₦6,700,000, ìwé orí ìyókù kò ní yọ nǹkan kan mọ́, torí pé kò sí ìdínkù láti kọ nígbà tí owó ìgbẹ̀yìn bá ti ju ohun tó kù nínú ìwé lọ. Ìwé ọgbọọgba á ṣì máa yọ ₦175,000.

Ibí ni orí ìyókù ti ní àléébù tó yẹ kí ẹ mọ̀. Lọ́dún tí náírà bá ṣubú gan-an, ìdínkù tó ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún, tí ẹ torí rẹ̀ yàn án, lè parẹ́ pátápátá. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yín lọ́dún méjì tẹ̀ léra, mo rò pé ó yẹ kí ẹ tún ìlànà náà fúnra rẹ̀ wò, kí ẹ sì bọ́ sí ọgbọọgba fún àwọn ọdún tó kù. Òfin gbà bẹ́ẹ̀, bí ìdí bá wà. Yíyí padà lọ́dọọdún kí èrè lè dára lójú báńkì ni kò gbà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ ìlànà, iye ọdún, owó ìgbẹ̀yìn, ọjọ́ tí ẹ béèrè iye náà àti ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dítọ̀ á béèrè, ẹni tó bá gba ìwé lọ́wọ́ yín á sì nílò rẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ilé búrẹ́dì náà nìyí, ìyá náà sì fọwọ́ sí i:

"Bọ́ọ̀sì ìpín búrẹ́dì: orí ìyókù, ọdún mẹ́rin, ìdá 20 nínú 100, owó ìgbẹ̀yìn ₦4,100,000 lẹ́yìn ọ̀dà àti owó alágbàtà. Ìdí: ọ̀nà jíjìn ni ọkọ̀ tuntun ń lọ, àtúnṣe sì ń pọ̀ lẹ́yìn ọdún kejì. Ọkọ̀ fúláwà: ọgbọọgba, torí pé ìrìn rẹ̀ kò yí padà. A ó tún béèrè iye ọjà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ní oṣù Kejìlá lọ́dọọdún."